Eyín Tó Ń Dunni àti Eyín Tó Ń Mì: Ìbéèrè Mẹ́rin Láti Inú Ìdánwò Àṣekágbá Dókítà Eyín

Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ dókítà eyín ní Ìbàdàn, Èkó tàbí Ilé-Ifẹ̀ kò lè kọjá ọdún àṣekágbá láìjẹ́ pé wọ́n bi í léèrè nípa àìsàn méjì: kòkòrò eyín, tó ń jẹ eyín fúnra rẹ̀, àti àìsàn ìdí eyín, tó ń jẹ ẹran àti egungun tó di eyín mú. Àwọn méjèèjì yìí ló wà nídìí ọ̀pọ̀ jù lọ eyín tí àgbàlagbà ń pàdánù. Ibì kan náà ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, ìyẹn nínú èérí rírọ̀ tó máa ń lẹ̀ mọ́ eyín wa lójoojúmọ́, tí àwọn bakitéríà fi ṣe ilé. Àmọ́ ọ̀nà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbà ṣọṣẹ́ yàtọ̀ pátápátá, ìyàtọ̀ yẹn gan-an sì ni àwọn olùdánwò máa ń wá lẹ́nu akẹ́kọ̀ọ́. Mo ti mú ìbéèrè mẹ́rin tó jọ èyí tí wọ́n máa ń gbé ka iwájú wọn, mo sì kọ ìdáhùn tí mo gbà pé ó kún ojú òṣùwọ̀n sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí kò ní í jókòó ṣe ìdánwò kankan náà lè fi wo ẹnu ara rẹ̀.

Ìbéèrè kìíní. Obìnrin méjì ń mu mínírà ìgò kọ̀ọ̀kan lóòjọ́, irú kan náà, ìwọ̀n kan náà. Ọ̀kan ń mu tirẹ̀ tán pọ̀ mọ́ oúnjẹ ọ̀sán. Èkejì ń fẹnu kan tirẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nídìí ọjà rẹ̀ láti aago mẹ́wàá àárọ̀ títí di aago mẹ́ta ọ̀sán. Eyín ta ló wà nínú ewu jù, kí sì nìdí?

Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kọ ọ́ pé “ṣúgà ló ń fa kòkòrò eyín”, tó sì dúró síbẹ̀, kò tíì dáhùn, nítorí ṣúgà tí àwọn méjèèjì mu kò ju ara wọn lọ. Ìdáhùn tó péye gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti inú èérí eyín. Àwọn bakitéríà kan wà níbẹ̀, èyí tí wọ́n mọ̀ jù nínú wọn ni Sitirẹpitokọ́kọ́sì mútánsì. Bí ṣúgà bá ti kan àwọn yìí, wọ́n á jẹ ẹ́, wọ́n á sì yọ ásíìdì jáde. Ásíìdì yẹn kò jìnnà sí eyín, orí rẹ̀ gan-an ló wà, lábẹ́ èérí tí itọ́ kò tètè ráyè wọ̀.

Ìkarahun funfun tó bo eyín le ju egungun lọ. Nínú ìwọ̀n rẹ̀, nǹkan bí ìdá 96 nínú ọgọ́rùn-ún ló jẹ́ èròjà ilẹ̀ bíi káṣíọ́ọ̀mù. Ṣùgbọ́n ásíìdì ń yọ́ ọ. Òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bí nǹkan ṣe kan tó ni pH: omi lásán wà ní nǹkan bíi 7, bí iye náà bá sì ṣe ń lọ sílẹ̀ ni kíkan ń pọ̀ sí i. Bí èérí eyín bá dé nǹkan bíi 5.5, ìkarahun eyín á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́. Ní àárín ọdún 1940 sí 1944, ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Robert Stephan fi irin ìwọn kékeré wọn kíkan èérí eyín lẹ́yìn tí àwọn èèyàn fi omi ṣúgà yọ ẹnu. Ó rí i pé láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ni pH já wálẹ̀, ó sì gba bí ìdajì wákàtí sí wákàtí kan kó tó gòkè padà. Itọ́ ló ń gbé e gòkè. Itọ́ yìí kan náà ló ń dá díẹ̀ padà lára káṣíọ́ọ̀mù tó ti yọ́ kúrò, bí a bá fún un láyè.

Ibi tí máàkì wà nìyí. Obìnrin kìíní fún bakitéríà rẹ̀ ní ṣúgà lẹ́ẹ̀kan. Eyín rẹ̀ wà nínú ásíìdì fún bí ogójì ìṣẹ́jú, lẹ́yìn náà itọ́ ní gbogbo ìyókù ọ̀sán láti fi tún ohun tó bàjẹ́ ṣe. Ká ní obìnrin kejì ń gbé ìgò rẹ̀ sẹ́nu lẹ́ẹ̀kan láàárín wákàtí kan, láti mẹ́wàá sí mẹ́ta yẹn jẹ́ ìgbà mẹ́fà. Ogójì ìṣẹ́jú lọ́nà mẹ́fà jẹ́ wákàtí mẹ́rin gbáko. Bó bá wá jẹ́ pé ìdajì wákàtí ló wà láàárín ẹnu kíkàn méjì, pH rẹ̀ kò ní í gòkè rárá títí tí ìgò á fi tán. Ìgò kan náà ni, ṣùgbọ́n eyín ti ẹnì kejì kò ráyè sinmi.

Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fẹ́ fi ẹ̀rí gbè é lẹ́sẹ̀, á tọ́ka sí ìwádìí Vipeholm tí wọ́n ṣe lórílẹ̀-èdè Súwídìn lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Nínú rẹ̀, ṣúgà tí àwọn èèyàn jẹ pọ̀ mọ́ oúnjẹ kò fi bẹ́ẹ̀ dá kún kòkòrò eyín wọn. Àmọ́ àwọn tí wọ́n fún ní súìtì tó ń lẹ̀ mọ́ eyín láàárín oúnjẹ kan sí èkejì, eyín wọn bàjẹ́ gidigidi. Mo máa ń fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ fi gbólóhùn kan kún un: àwọn tí wọ́n fi ṣe ìwádìí yìí jẹ́ aláìsàn ọpọlọ tó wà lábẹ́ ìtọ́jú ìjọba, tí kò sí lágbára wọn láti sọ pé àwọn kò ṣe. A jàǹfààní ìmọ̀ náà, ṣùgbọ́n eyín àwọn ẹlòmíràn tó bàjẹ́ la fi rà á.

Ìdáhùn náà kò tíì tán bí kò bá sọ ohun tí a lè rí. Kí ihò tó yọ, ohun tó máa ń kọ́kọ́ hàn ni àmì funfun bíi ti ẹfun, tí kò dán, ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí eyín ti kan ẹran. Ní ìpele yẹn, eyín ṣì lè padà bọ̀ sípò. Ọṣẹ ìfọyín tó ní fúlóráìdì ló ń ràn án lọ́wọ́, ìyẹn èyí tí wọ́n kọ 1,000 sí 1,500 ppm sí lára. Kí a fi fọ eyín lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, kí ọ̀kan sì jẹ́ kété ká tó sùn, nítorí itọ́ máa ń dín kù lóru. Kí a tu ìfófò rẹ̀ dànù, ká má fi omi ṣan gbogbo rẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ń fi orin rin ẹnu dáadáa lè ha èérí kúrò, ṣùgbọ́n fúlóráìdì inú ọṣẹ yẹn ni orin kò lè fi rọ́pò.

Ìbéèrè kejì. Aránṣọ kan, ẹni ọdún 28, wá sí ilé ìwòsàn. Ó ní ní bí oṣù méjì sẹ́yìn, tí òun bá mu omi tútù, ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì òun máa ń ta òun, á sì lọ lójú ẹsẹ̀. Láti ọjọ́ mẹ́ta sí ìsinsìnyí, ìrora ń jí òun lóru láìsí ohun tó fọwọ́ kàn án. Bí òun bá mu ẹ̀kọ gbígbóná, ó ń ro òun fún bí ìdajì wákàtí. Òun kò sì lè sọ bóyá eyín òkè ni tàbí ti ìsàlẹ̀. Ó ti lo kápúsù apakòkòrò tó rà ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́místì, kò rí ìyàtọ̀. Kí ló ń ṣe é, báwo lẹ ó ṣe mọ̀ dájú, kí lẹ ó sì ṣe?

Inú eyín kì í ṣe òkúta. Àárín rẹ̀ ní mùdùnmúdùn, níbi tí iṣan tó ń mọ ìrora àti òpó ẹ̀jẹ̀ wà, wọ́n sì ń gba gbòǹgbò eyín wọlé. Nígbà tí ìrora ń wá pẹ̀lú omi tútù nìkan, tó sì ń lọ lójú ẹsẹ̀, kòkòrò ti sún mọ́ mùdùnmúdùn, ó ń bí i nínú, ṣùgbọ́n ó ṣì lè sàn bí a bá yọ ibi tó bàjẹ́ tí a sì dí ihò náà. Ọjọ́ mẹ́ta yìí ti yí ọ̀rọ̀ padà. Ìrora tó ń dá wá fúnra rẹ̀, tó ń jíni lóru, tó sì ń pẹ́ kó tó lọ lẹ́yìn ohun gbígbóná, ń sọ fún wa pé mùdùnmúdùn ti wú kọjá ohun tó lè sàn. Ara líle ló yí i ká, kò sí ibi tó lè wú sí.

Ìdí tí obìnrin yìí kò fi lè nàka sí eyín kan pàtó ni pé mùdùnmúdùn lè mọ ìrora, ṣùgbọ́n kò lè sọ ibi tí ìrora náà ti wá. Ẹran tó so gbòǹgbò eyín mọ́ egungun ló ní agbára yẹn. Nítorí náà, ọjọ́ tí aláìsàn bá lè fi ìka kan ṣoṣo tọ́ka, tó sì ń sọ pé òun kò lè fi eyín yìí jẹun, àìsàn ti yọ sí ìsàlẹ̀ gbòǹgbò. Olùdánwò fẹ́ràn kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ èyí gan-an.

Láti mọ̀ dájú, a óò kọ́kọ́ wo gbogbo eyín òkè àti ìsàlẹ̀ lápá òsì, ká wá ihò àti eyín tí wọ́n ti dí tẹ́lẹ̀. A óò fi ohun tútù kan eyín tó dára ní àkọ́kọ́, kí aláìsàn lè mọ bó ṣe yẹ kó rí, ká tó kan èyí tí a fura sí. Eyín tó dára á ta díẹ̀, á sì dákẹ́ láàárín ìṣẹ́jú àáyá. Èyí tó ń ṣàìsàn á máa ro lọ. Lẹ́yìn náà a óò fi ìdí irin jíńjìn kan eyín kọ̀ọ̀kan jẹ́jẹ́, a óò sì ya àwòrán ẹ́ksírè tó fi gbòǹgbò hàn dé ìsàlẹ̀.

Ìtọ́jú rẹ̀ kò ju méjì lọ: kí a yọ mùdùnmúdùn tó ti bàjẹ́, ká fọ ojú ọ̀nà inú gbòǹgbò, ká sì dí i pa, tàbí ká yọ eyín náà. Aláìsàn ló ni yíyàn lẹ́yìn tí a bá ti ṣàlàyé iye owó, iye ìgbà tó máa wá, àti bí eyín náà ṣe lágbára tó. Kápúsù apakòkòrò kò lè wo ìrora yìí. Wíwú ni ó ń dun obìnrin náà, oògùn tí a gbé mì kò sì lè tú ohun tó há sínú eyín. Bí kápúsù bá tilẹ̀ dà bí ẹni ṣiṣẹ́ lára ẹlòmíràn, tí ìrora dédé dákẹ́ lọ́jọ́ kan, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé mùdùnmúdùn náà ti kú ni. Iṣan tó kú kì í ké. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù, ọyún lè gba ìsàlẹ̀ gbòǹgbò jáde.

Ohun kan wà tí akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ gbàgbé láti kọ síbẹ̀: bí abẹ́ àgbọ̀n bá wú le gbagidi, tí ibà mú aláìsàn, tí kò lè la ẹnu dáadáa tàbí tó ń ṣòro fún un láti gbé itọ́ mì, kí ó lọ sí ilé ìwòsàn ńlá lójú ẹsẹ̀. Irú wíwú bẹ́ẹ̀ lè dí ọ̀nà èémí. Ibẹ̀ gan-an ni oògùn apakòkòrò ti ń wúlò, pọ̀ mọ́ iṣẹ́ abẹ, kì í ṣe dípò rẹ̀.

Ìbéèrè kẹta. Ẹ fi ẹ̀rí hàn pé èérí eyín ló ń fa wíwú ẹran ìdí eyín. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣàlàyé ìdí tí kì í fi í ṣe gbogbo ẹni tí ẹnu rẹ̀ dọ̀tí ni eyín rẹ̀ ń ká.

Apá kìíní rọrùn. Ní 1965, Harald Löe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Aarhus, lórílẹ̀-èdè Dẹ́ńmákì, ní kí èèyàn 12 tí ẹran ìdí eyín wọn dára má fọ eyín mọ́. Láàárín ọjọ́ 10 sí 21, ẹran ìdí eyín gbogbo wọn ti pọ́n, ó sì ti wú. Nígbà tí wọ́n padà bẹ̀rẹ̀ sí í fọ eyín, ó sàn láàárín bí ọ̀sẹ̀ kan. Èérí dé, àìsàn dé; èérí lọ, àìsàn lọ. Láti inú èyí la ti mọ̀ pé ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń yọ ní ìdí eyín rẹ̀ tó bá ń fọyín, tó wá sá fún ibẹ̀ kó má baà ṣèṣe, ń fi èérí sílẹ̀ fún ohun tó ń ṣe é. Ibi tó ń ṣẹ̀jẹ̀ ni kó fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ fọ̀ jù.

Apá kejì ló ń ya àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ́tọ̀. Löe kan náà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lé ọkùnrin 480 tó ń ṣiṣẹ́ ní oko tíì ní Siri Láńkà fún ọdún 15, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 1986. Àwọn ọkùnrin yìí kì í fọ eyín, wọn kò sì ní dókítà eyín. Èérí rírọ̀ àti èérí tó ti le bí òkúta wà lẹ́nu gbogbo wọn. Síbẹ̀, ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún ni àìsàn náà bá jẹ kíákíá, ìdá 81 ló jẹ díẹ̀díẹ̀, ìdá 11 sì wà tí kò kọjá wíwú ẹran lára wọn.

Ohun tó fa ìyàtọ̀ ni pé, láìdà bí kòkòrò eyín, kì í ṣe bakitéríà ló ń fẹnu ara rẹ̀ jẹ egungun. Ara wa ló ń rán àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ lọ bá bakitéríà jà ní ìdí eyín. Bí ìjà náà kò bá tán, ohun ìjà tí wọ́n ń tú jáde á máa ba ẹran jẹ́, á sì máa ta àwọn tó ń jẹ egungun jí. Bí ara ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe ń jà kò dọ́gba: àbínibí ní ọwọ́ nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni sìgá àti àtọ̀gbẹ. Láìsí èérí kò ní í sí ìjà, ṣùgbọ́n ara ló ń pinnu bí ìjà yóò ṣe le tó.

Ìbéèrè kẹrin. Awakọ̀ kan, ẹni ọdún 52, ń mu sìgá 12 lójúmọ́, ó sì ní àtọ̀gbẹ. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń fi bí ṣúgà ṣe rí ní bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn hàn jẹ́ 8.9 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn eyín iwájú ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń mì, àlàfo sì ti ń yọ láàárín wọn, ṣùgbọ́n kò dùn ún. Lára eyín kan, irin ìwọn wọlé ní 7 mm láti etí ẹran, etí ẹran náà sì ti sá wálẹ̀ ní 2 mm. Mélòó ni ìdìmú tí eyín yìí ti pàdánù? Kí lẹ ó sọ fún un?

Irin tí wọ́n fi ń wọn ìdí eyín tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì ní àmì mìlímítà lára. Wọ́n ń fi í wọlé jẹ́jẹ́ láàárín eyín àti ẹran, ibi mẹ́fà yí eyín kọ̀ọ̀kan ká. Ní ẹnu tó dára, kì í kọjá 1 sí 3 mm. Ṣùgbọ́n 7 mm nìkan kò sọ gbogbo òtítọ́, nítorí etí ẹran kì í dúró sójú kan. Ibi tí ìkarahun eyín parí sí tí gbòǹgbò ti bẹ̀rẹ̀ kì í sún, láti ibẹ̀ la sì gbọ́dọ̀ ti kà. Etí ẹran bàbá yìí ti sá kọjá ibẹ̀ ní 2 mm, a ó fi kún un: 7 àti 2 jẹ́ 9 mm. Ká ní ńṣe ni ẹran wú bo ibẹ̀ ní 2 mm, ńṣe la ó yọ ọ́, á ṣẹ́ ku 5. Irin kan náà, iye kan náà lójú irin, ṣùgbọ́n eyín méjì tí ọ̀rọ̀ wọn kò jọra rárá. Eyín tó ti pàdánù 9 mm dà bí òpó ọgbà tí àgbàrá ti wọ́ erùpẹ̀ ìdí rẹ̀ lọ: òpó kò jẹrà, ilẹ̀ ni kò sí mọ́.

Láti 5 mm sókè láàárín eyín méjì, wọ́n ti ka àìsàn náà sí èyí tó le, ìpele kẹta tàbí ìkẹrin nínú mẹ́rin. Sìgá tó tó mẹ́wàá lójúmọ́, tàbí àyẹ̀wò ṣúgà yẹn tó tó 7 nínú ọgọ́rùn-ún, ti tó láti gbé e sí ọ̀wọ́ àwọn tí àìsàn wọn ń yára. Bàbá yìí ní méjèèjì. Akẹ́kọ̀ọ́ tún gbọ́dọ̀ sọ pé sìgá ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tó ń yọ ní ìdí eyín dín kù, tó fi jẹ́ pé amusìgá lè máa rò pé ìdí eyín òun dára nígbà tí egungun ń lọ.

Aláìsàn náà wá fi ọ̀rọ̀ kan kún un: “Dókítà, wọ́n ní bí èèyàn bá lọ fọ eyín ní ilé ìwòsàn, ńṣe ni eyín á túbọ̀ máa mì.” Ìdáhùn tí mo fẹ́ gbọ́ lẹ́nu akẹ́kọ̀ọ́ rèé: “Bàbá, èérí líle tó wà láàárín eyín yín ló dì wọ́n pọ̀ báyìí. Bí a bá ha á kúrò, ẹ ó rí àlàfo tó ti wà níbẹ̀ tipẹ́, ẹran tó wú á sì lọ sílẹ̀, eyín á wá dà bí ẹni gùn sí i. Omi tútù lè máa ta yín fún ìgbà díẹ̀. Àwa kọ́ la mú egungun lọ, ó ti lọ kí ẹ tó dé. Egungun tó lọ kò ní í fi bẹ́ẹ̀ padà, ṣùgbọ́n a lè dá èyí tó kù dúró. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ ká jọ ṣe é.”

Lẹ́yìn náà ni ètò ìtọ́jú: kíkọ́ ọ ní bí a ṣe ń fọ eyín àti àárín wọn, híha èérí abẹ́ ẹran lára gbòǹgbò, ìrànlọ́wọ́ láti fi sìgá sílẹ̀, àti lẹ́tà sí dókítà tó ń tọ́jú àtọ̀gbẹ rẹ̀. Àìsàn méjèèjì ń dá kún ara wọn. Ìtọ́jú ìdí eyín máa ń mú ìwọ̀n ṣúgà wálẹ̀ díẹ̀, kò sì tó láti rọ́pò oògùn àtọ̀gbẹ.

Lẹ́yìn bí oṣù mẹ́ta, a óò tún wọn ọ́n. Ká ní irin wọlé ní 4 mm báyìí, tí etí ẹran sì ti sá wálẹ̀ dé 4 mm: àpò ìdí eyín ti dín ní 3, ṣùgbọ́n 4 àti 4 jẹ́ 8. Nínú mẹ́ta tó dín yẹn, méjì jẹ́ ẹran tó sún kì, ọ̀kan péré ni ìdìmú tó padà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kọ̀wé pé eyín ti rí 3 mm gbà padà ti ṣìṣe. Bí ibẹ̀ kò bá ṣẹ̀jẹ̀ mọ́ nígbà tí irin kàn án, a óò máa rí bàbá náà ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ibi tó bá ṣì jinlẹ̀ tó 6 mm, tó sì ń ṣẹ̀jẹ̀, a óò tún ha á, tàbí ká ṣí ẹran ibẹ̀ láti fojú rí gbòǹgbò. Ṣùgbọ́n a kì í fi ọ̀bẹ kan ẹni tí kò tíì lè mú ẹnu ara rẹ̀ mọ́.